Apòògùn Láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ ní Kánádà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Ìpẹru ni wọ́n bí mi sí. Mo ṣiṣẹ́ nínú fámásì kan ní Ṣàgámù fún ọdún mẹ́fà kí n tó kó wá sí Ontario, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ apòògùn báyìí. Láti ìgbà tí láísẹ́ńsì mi ti jáde ni àwọn ará ilé ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìkẹ́nnẹ́, Òdogbolú àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́nà oríṣiríṣi. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹ lè kà wọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ apòògùn ni mo mọ̀ dáadáa, òun náà ni mo sì sọ jù.

Àǹtí, físà mi ti jáde, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìgbélùú. Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ apòògùn bí mo bá ti dé?

Rárá o. Ìwé ìgbélùú ń sọ pé ẹ lè gbé ní Kánádà, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò sọ pé ẹ lè fún aláìsàn lóògùn. Ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ló ń fúnni ní ti àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ló ń fúnni ní ti èkejì, ìkan kì í sì í bá èkejì sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí bí ó ṣe rí nílé. Ẹni tó bá ka ìwé apòògùn parí ní Ṣàgámù kò lè jáde ní yunifásítì lónìí kó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan ní ilé ìwòsàn tàbí iléeṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kí PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn ní Nàìjíríà, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a sì máa ń sọ láísẹ́ńsì dọ̀tun lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kánádà ṣe ń wo yín: ẹ ti kàwé, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Orúkọ iṣẹ́ yìí gan-an ni òfin ń dáàbò bò. Bí ẹ bá ti wà ní Ontario láìní láísẹ́ńsì, ẹ má kọ `Pharmacist` sábẹ́ orúkọ yín lórí LinkedIn tàbí lórí káàdì, kódà bí ẹ bá ti ṣe é fún ogún ọdún nílé. Ẹ kọ ọ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti fún yín láṣẹ. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ máa kọ̀wé sí fún láísẹ́ńsì lọ́la ni wọ́n ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ta gan-an ló ń fúnni ní láísẹ́ńsì ọ̀hún?

Ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Kánádà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹgbẹ́ tí òfin gbé iṣẹ́ apòògùn lé lọ́wọ́. Ti Ontario ń jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Apòògùn Ontario. Ẹ má jẹ́ kí "kọ́lẹ́ẹ̀jì" yẹn tàn yín jẹ, kì í ṣe ilé ìwé. Bí PCN ṣe rí fún wa ló ṣe rí fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, ẹnu ọ̀nà méjì ló wà tí gbogbo apòògùn tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ ni NAPRA, àjọ tó pa àwọn ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ pọ̀. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára wọn, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan. Èkejì ni PEBC, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, tó sì ń ṣe ìdánwò. Láìsí nọ́ńbà NAPRA, PEBC kò ní ṣí fáìlì fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Quebec nìkan ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ní ìlànà tiwọn, èdè Faransé ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í béèrè ìwé PEBC. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Montreal, tó sì fẹ́ lọ bá a gbé, kó mọ èyí kó tó san owó PEBC.

Mo ti ṣe WES, wọ́n sì ti fún mi ní ìwé pé oyè mi bá ti Kánádà dọ́gba. Ṣé kò tó ni?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, nítorí owó àwọn èèyàn wa ń ṣòfò síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà Express Entry wọ Kánádà, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé níbẹ̀, ìjọba wọn máa béèrè ìwé tó ń sọ ohun tí oyè yín tó lọ́dọ̀ wọn. Àwọn iléeṣẹ́ bíi mélòó kan ló ní àṣẹ láti kọ ọ́, WES sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó ka ìṣirò owó, ẹni tó ka ìmọ̀ èdè, ẹni tó ka kọ̀ǹpútà, WES tó fún wọn.

Fún apòògùn, ó yàtọ̀. Bí iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ yín bá jẹ́ apòògùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ìjọba jẹ́ `NOC 31120`, tí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ sì nílò láísẹ́ńsì, PEBC ni ìjọba yàn láti kọ ìwé yẹn. WES kò dúró fún un. Bí àwọn dókítà ṣe ní ìgbìmọ̀ tiwọn náà nìyẹn.

Àbúrò mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù ṣe WES. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ oníṣirò owó ló júwe ọ̀nà fún un, ọ̀rẹ́ náà kò sì purọ́, ọ̀nà tirẹ̀ ló júwe. Ìwé WES dé, ó dáa, ó fi kún fọ́ọ̀mù, ó kọ `31120` síbẹ̀. Ìgbà tó fi fọ́ọ̀mù náà hàn mí ni mo rí i. A dúpẹ́ pé ìjọba Kánádà kò tíì pè é pé kó wá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní wọ́n ti pè é, tó sì fi ìwé yẹn ránṣẹ́, wọ́n lè dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ PEBC láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti pàdánù nǹkan bí oṣù márùn-ún.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó bá òfin mu: apòògùn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò láísẹ́ńsì, lè lo WES. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá dé, tó sì wá fẹ́ dúró nídìí káńtà fámásì, PEBC ṣì ń dúró dè é. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kúkú ṣe PEBC lẹ́ẹ̀kan. Ìwé kan náà ló máa ṣiṣẹ́ méjèèjì, ìwọlé àti láísẹ́ńsì. Ẹ kàn rántí pé ọdún márùn-ún ni ìwé tí ìjọba ń lò fún ìwọlé fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é kí ẹ wá sùn lé e lórí.

Àwọn ìwé wo ni PEBC ń béèrè?

Wọn kò pọ̀. Ìwé tó ń fi yín hàn pé ẹ̀yin ni ẹ̀yin, sàtífíkéètì yunifásítì, ìwé máàkì tí a ń pè ní tìránsíkíríípù, àti ẹ̀rí pé ẹ jẹ́ apòògùn tí òfin mọ̀ ní orílẹ̀-èdè yín. Ohun tó le níbẹ̀ ni ọwọ́ tó ń fi wọ́n ránṣẹ́.

Díẹ̀ nínú wọn ni ẹ̀yin fúnra yín ń fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí lọ́yà nótárì bá ti jẹ́rìí sí i pé ẹ̀dà náà bá ojúlówó mu. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ fara kan ọwọ́ yín. Tìránsíkíríípù gbọ́dọ̀ ti yunifásítì lọ tààrà sí PEBC. Lẹ́tà tó sọ pé orúkọ yín wà nínú ìwé, pé wọn kò fi ẹ̀sùn kan yín, gbọ́dọ̀ ti PCN lọ tààrà. Bí ẹ bá gba tìránsíkíríípù lọ́wọ́ wọn, tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì dáadáa, tí ẹ sì wá fi kúríà gbé e ránṣẹ́ fúnra yín, ìwé tí kò níye lórí ni ẹ fi ránṣẹ́, bó ti wù kó mọ́ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kò ní bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Fún àwọn tó ka ìwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ẹ rántí pé Ṣàgámù ni ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ apòògùn, ṣùgbọ́n Agó-Ìwòyè ni olú yunifásítì wà. Ẹ má lọ jókòó sí Ṣàgámù kí ẹ máa dúró de ìwé tí wọ́n ń kọ ní ibòmíràn. Ẹni tí sàtífíkéètì rẹ̀ sì pẹ́ ju 2001 lọ, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ló máa wà lórí tirẹ̀, torí orúkọ àtijọ́ nìyẹn láti 1982. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà kan kún un tó sọ pé ilé ìwé kan náà ni. Ará Kánádà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ retí pé kó mọ̀.

Èmi fúnra mi rí wàhálà níbi tí mo ti kàwé, tí n kò ní dárúkọ. Mo san owó tìránsíkíríípù, wọ́n fún mi ní risíìtì, mo lọ sílé, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ìgbà tí mo padà lọ, fáìlì mi wà lórí tábìlì ẹnì kan tó ti lọ fún lìífù. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó gba nọ́ńbà ìtọpa kúríà. Risíìtì ń sọ pé ẹ sanwó. Nọ́ńbà ìtọpa ló ń sọ pé ìwé ti kúrò nílé.

Orúkọ tó wà lórí sàtífíkéètì mi yàtọ̀ sí ti páásípọ́ọ̀tì. Ṣé ó ṣe nǹkan?

Ó ṣe nǹkan púpọ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń dá fáìlì àwọn èèyàn wa dúró, orúkọ ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ ní Olúwabùsọ́lá, olùkọ́ kọ `Busola` sínú ìwé, ọmọ náà ń lo `Bussy` nílé ìwé, ó lọ́kọ, ó gba orúkọ ọkọ. Nílé, gbogbo wa mọ̀ pé ẹnì kan ni. Ẹni tó jókòó sí Toronto tó ń wo ìwé mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ló ń rí.

Àbúrò kan tó ní fámásì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo bá ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbà kí n sọ ọ́. Sàtífíkéètì rẹ̀ àti PCN wà ní orúkọ bàbá rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ wà ní orúkọ ọkọ. Lórí tìránsíkíríípù, lẹ́tà kan já nínú orúkọ àárín. Ó ṣe ìdána àti nìkáà, wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti gba ìwé ìgbéyàwó.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a gbé gbogbo ìwé sórí tábìlì, a kọ orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún ni. Ẹ ṣe é kí ẹ tó san owó kankan. Lẹ́yìn náà a yan orúkọ kan tí gbogbo nǹkan máa dúró lé, ìyẹn ti páásípọ́ọ̀tì, torí òun ni yóò mú lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó yẹn ló so orúkọ bàbá mọ́ orúkọ ọkọ. Fún lẹ́tà tó já, ó lọ búra ní kóòtù, ó gba àfídáfíìtì, ó sì gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó tún kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n tún àṣìṣe náà ṣe kí tìránsíkíríípù tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún un ṣe.

Ibi tí a ti ṣàṣìṣe nìyí o: a gbàgbé PCN. Lẹ́tà PCN lọ sí Kánádà ní orúkọ bàbá nìkan, láìsí nọ́ńbà fáìlì PEBC lórí rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ ń sọ lórí ẹ̀rọ pé lẹ́tà náà kò tíì dé, PCN sì ń sọ pé àwọn ti fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Lẹ́tà náà dé, kò rí ẹni tó ni ín. Nígbà tí a kọ ímeèlì sí PEBC, tí a fi orúkọ méjèèjì, nọ́ńbà fáìlì àti ọjọ́ tí lẹ́tà kúrò ní Àbújá sínú rẹ̀, wọ́n wá a rí. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ nítorí yín, ẹ fún un ní bébà tí ẹ tẹ orúkọ yín tàtijọ́ àti tòní sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì, kí ẹ ní kó so ó mọ́ ìwé náà.

N kò tíì san owó láísẹ́ńsì PCN láti bí ọdún mẹ́ta. Ṣé kí n fi í sílẹ̀, nígbà tí mo ti ń lọ?

Ẹ sanwó. Lẹ́tà tí PCN máa kọ nípa yín, ipò tí ẹ wà lónìí ló máa sọ. Bí ó bá sọ pé láísẹ́ńsì yín ti kú, ẹni tó ń kà á ní Kánádà kò ní mọ̀ pé owó lásán ni, ó lè rò pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ san gbèsè náà, ẹ gba ti ọdún yìí, kí ẹ tó béèrè lẹ́tà. Ẹ má sì jẹ́ kó tún kú títí tí ti Kánádà á fi jáde.

Ìdánwò mélòó ló wà, èwo ló le jù?

Mẹ́ta ló jẹ́ ti PEBC. Àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ yín wò bóyá ohun tí ẹ kọ́ ní yunifásítì tó ohun tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ wọn. Ẹ ó yan ìdáhùn lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá yege, ẹ ó lọ sí ìdánwò àṣekágbá tó ní apá méjì: apá kìíní tún jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, apá kejì ni wọ́n ń pè ní OSCE. Iye ìgbà tí èèyàn lè kùnà kó sì tún kọ ọ́ ní òpin, nítorí náà ẹ má lọ fi ti àkọ́kọ́ dánra wò.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ wa kì í kéré. Orúkọ àti òǹkà ló ń gbé èèyàn ṣubú. Parasitamọ́ọ̀lù tí ẹ ti ń tà láti kékeré, `acetaminophen` ni wọ́n ń pè é. `Glibenclamide` di `glyburide`, `adrenaline` di `epinephrine`. Ìwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tún nìyí. Lọ́pọ̀ ibi nílé, `mg/dL` la fi ń kà á, Kánádà ń lo `mmol/L`. Ẹ pín tiwa sí 18, ẹ ó rí tiwọn:

```
126 mg/dL ÷ 18 = 7.0 mmol/L
```

Ìwọ̀n yẹn, láàárọ̀ kí aláìsàn tó jẹun, ni ààlà tí wọ́n ti ń pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ òǹkà tuntun á rí 7.0, á rò pé ó kéré, á sì yan ìdáhùn tó ń pa aláìsàn.

OSCE ló le jù, kì í ṣe nítorí ìwé. Ẹ ó wọ yàrá kan, ẹ ó bá ẹnì kan tí wọ́n kọ́ láti ṣe bí aláìsàn, ẹnì kejì á jókòó máa fún yín ní máàkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ẹ ní. Ẹ ó parí, ẹ ó bọ́ sí yàrá tó kàn.

Ẹ wo èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn àbúrò. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó ní orúnkún ń dun òun, òun fẹ́ ra `ibuprofen`. Ní káńtà wa ní Ṣàgámù, lọ́jọ́ ọjà, a máa ń gbé e fún un, a á ní kó jẹun kó tó lò ó. Nínú OSCE, ẹ ti kùnà nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ kí i, kí ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ béèrè ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ṣubú, àìsàn mìíràn tó ní, oògùn tó ń lò, èyí tí ara rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí ẹ bá béèrè oògùn ló máa tó sọ pé òun ń lo `warfarin` nítorí ọkàn. Òun kì í sọ ọ́ bí ẹ kò bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Oògùn méjèèjì pa pọ̀ lè mú kí inú rẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ó ṣàlàyé èyí fún un pẹ̀lú sùúrù, ẹ ó bi í bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú tàbí ara rẹ̀ ń lé dúdú láìnídìí, ẹ ó fún un ní `acetaminophen` ní ìwọ̀n tó yẹ, ẹ ó sì sọ pé kó jẹ́ kí dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò mọ̀ bó bá máa lò ó lójoojúmọ́.

Ohun tí àwa Yorùbá ní láti ṣọ́ níbẹ̀ ni ọ̀wọ̀. A ti kọ́ wa pé a kì í bi àgbà ní ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bò ó. Mo rí àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ tí wọ́n kùnà nítorí pé wọn kò lè la ẹnu béèrè. Ẹ máa fi ara yín dánra wò sókè, kí ẹnì kan jókòó níwájú yín, kí ó má ran yín lọ́wọ́.

Kánádà ni wọ́n ti ń ṣe OSCE, ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé yíyẹ̀wò ni ẹ lè parí láti ilé pátápátá.

Lẹ́yìn PEBC, ṣé ó parí?

Ó kù díẹ̀. Ìpínlẹ̀ máa béèrè ẹ̀rí pé ẹ gbọ́ èdè, ìdánwò lórí òfin apòògùn wọn, àti àkókò tí wọ́n á fi wo iṣẹ́ ọwọ́ yín nínú fámásì gidi. Yunifásítì Toronto ní ètò kan tí wọ́n ṣe fún àwọn apòògùn tó wá láti òkèèrè, Yunifásítì British Columbia náà ní tiwọn. Mo gba ti Toronto, owó rẹ̀ wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìbẹ̀rù.

Kí ni mo lè máa ṣe kí láísẹ́ńsì tó jáde? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní.

Ẹ lè ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú fámásì, ìyẹn kò nílò láísẹ́ńsì. Ẹ ó máa to oògùn, ẹ ó máa tẹ ìwé dókítà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó máa gba owó. Ẹ má ṣe dàpọ̀ mọ́ iṣẹ́ tẹkiníṣíànì fámásì, torí òun náà ní láísẹ́ńsì tirẹ̀. Owó olùrànlọ́wọ́ kò pọ̀, inú ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kì í sì í dùn sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ṣe é fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ibẹ̀ ni orúkọ oògùn wọn ti wọ̀ mí lórí.

Ní ti owó, ẹ mọ̀ pé ìpele ìpele ni PEBC ń gbà á, ní dọ́là Kánádà, iye rẹ̀ sì wà lórí `pebc.ca`. Àwọn mẹ́rin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń dá àjọ nítorí rẹ̀, ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá ti dé orí ìdánwò ló ń kó. Ó dára ju kí èèyàn ta ilẹ̀ lọ nítorí ìwé tí kò tíì mọ̀ bóyá orúkọ inú rẹ̀ bára mu.

Bí mo bá fẹ́ lọ sí ìlú ọba tàbí Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ìlú ọba: GPhC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn níbẹ̀, ni ẹ máa kọ orúkọ sí lọ́dọ̀. Ẹ ó ka ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọ́n ń pè ní OSPAP ní yunifásítì, ẹ ó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, ẹ ó wá ṣe ìdánwò kan náà tí àwọn ọmọ wọn ń ṣe. Nínú IELTS, wọ́n ń béèrè 7 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ní 8, 8, 8 àti 6.5 kò tíì yege.

Amẹ́ríkà: NABP ni, àjọ tó pa àwọn ìgbìmọ̀ apòògùn ìpínlẹ̀ wọn pọ̀. Ìwé tí wọ́n ń fúnni ń jẹ́ FPGEC. Ẹni tó jáde láti 2003 wá gbọ́dọ̀ ti ka ẹ̀kọ́ apòògùn fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Oyè ọlọ́dún márùn-ún ti Nàìjíríà bá a mu. Lẹ́yìn rẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀.

Ọmọ mi jẹ́ ẹnjiníà, kì í ṣe apòògùn. Ṣé bákan náà ni?

Mọ̀mí, kò rí bákan náà. Ní ìlú ọba, ọmọ yín lè ṣiṣẹ́ ẹnjiníà lọ́pọ̀ iléeṣẹ́ láìforúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Ní Ontario, ó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ buwọ́ lu àwòrán tàbí kó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà kó tó gba àṣẹ lọ́wọ́ PEO, ẹgbẹ́ tó ń fún ẹnjiníà ní láísẹ́ńsì níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè pé kó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà fún ọdún kan, wọ́n yọ ìyẹn kúrò ní 2023. Kó máa kọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé sílẹ̀ láti báyìí, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tó lè jẹ́rìí sí i.

Ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní òun á bá mi ṣe gbogbo rẹ̀, kí n kàn kó owó àti sàtífíkéètì wá. Ṣé kí n fún un?

Ẹ má fún un ní ojúlówó sàtífíkéètì, ẹ má sì fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé fáìlì yín. Ó lè bá yín lọ sí Agó-Ìwòyè tàbí kóòtù, kí ẹ sanwó ọkọ̀ àti wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lè "ṣètò" tìránsíkíríípù fún yín, ẹ sá fún un. Bí wọ́n bá rí ìwé ayédèrú kan nínú fáìlì, ẹ̀yin ni wọ́n máa tì ìlẹ̀kùn mọ́, kì í ṣe òun.

Mo ti wà ní òkèèrè tẹ́lẹ̀. Mo ń bọ̀ nílé fún Ojúde Ọba. Ṣé mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan yẹn parí àwọn ìwé mi?

Ọ̀pọ̀ ló ń gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọ́fíìsì ìjọba á sì wà ní títì lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, kí ẹ sanwó, kí ẹ yẹ orúkọ wò lójú wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, kóòtù àti nótárì, méjèèjì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn règbérègbé yín rán aṣọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ padà sí yunifásítì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ gba nọ́ńbà ìtọpa lọ́wọ́ wọn.